Bí a ṣe ń kọ mẹ́mò ìpinnu ìgbìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò ní béèrè pé “òkè wo?”

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì ní ilé-iṣẹ́ gàrí kan lójú ọ̀nà Kábà sí Ìyàrá, mo lẹ mẹ́mò kan mọ́ pátákó ìkéde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ nìyí:

“A ń fi ìwé yìí sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Àṣẹ láti òkè ni. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń yan gàrí wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Eérú wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó kí mi pé, “Ọ̀kún o, akọ̀wé,” mo sì dá a lóhùn. Ó wá ní, “Ẹ ní àṣẹ láti òkè ni. Òkè wo?”

N kò rí èsì kankan fún un. Máníjà ló pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́, mo sì kọ ọ́. Lóòótọ́ ìpàdé ti wáyé, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí wọ́n sọ gan-an níbẹ̀, n kò sì mọ ìwé wo ló fún ìpàdé náà lágbára láti yí àkókò iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan fa mẹ́mò náà ya. Àwọn kan ń dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn kan ń dé ní aago mẹ́jọ, kò sì sẹ́ni tó lè bá èyíkéyìí nínú wọn wí.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ kan náà tún padà wá, a sì kọ mẹ́mò rẹ̀ ní ọ̀nà tó tọ́. Èyí kejì yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ìbáà jẹ́ ní Ìsánlú, Mọ́pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, lè tẹ̀lé e bó ṣe wà.

Kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ ìpinnu náà gan-an

Má ṣe kọ mẹ́mò láti inú ohun tí máníjà fi ẹnu sọ fún ọ. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ẹni tó bá ti ìpàdé dé máa ń sọ ohun tó wù ú nínú ìpàdé náà ju ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lọ. Béèrè fún àkọsílẹ̀ ìpàdé, èyí tí àwa ọ́fíìsì ń pè ní mínítì, kí o sì wá gbólóhùn tí ìpinnu náà wà nínú rẹ̀. Bí akọ̀wé ìpàdé bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbólóhùn náà yóò ní nọ́ńbà. Tiwa jẹ́ 4.2, ìyẹn ni pé ohun kẹrin nínú ètò ọjọ́ náà, ìpinnu kejì lábẹ́ rẹ̀. Ó kà báyìí:

“4.2. Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí àwọn tó wà ní ibi yíyan gàrí máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago 6:30 àárọ̀, kí wọ́n sì máa parí ní aago 3:30 ọ̀sán, láti ọjọ́ 1 oṣù Dìsẹ́ńbà 2025 títí di ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì 2026.”

Wo bí gbólóhùn yìí ṣe yàtọ̀ sí ohun tí máníjà sọ fún mi. Ó ní “gbogbo òṣìṣẹ́”. Àkọsílẹ̀ ní “àwọn tó wà ní ibi yíyan gàrí”. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, awakọ̀, ọlọ́dẹ àti àwa tó wà nínú ọ́fíìsì kò sí nínú ìpinnu náà rárá. Bí mo bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu, ènìyàn bí ogún ni ǹ bá yí àkókò iṣẹ́ wọn padà láìsí ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan wà níbí tó máa ń dá àwọn akọ̀wé dúró. Ìpàdé tó ń bọ̀ ló máa ń fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ìpàdé tó ń bọ̀ sì lè jẹ́ oṣù kan sí i. Ṣé kí mẹ́mò dúró títí dìgbà náà? Rárá. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí akọ̀wé ìpàdé da ìpinnu kan ṣoṣo náà kọ sórí ìwé tirẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé gan-an, pẹ̀lú déètì, nọ́ńbà àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, kí alága àti akọ̀wé sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni mẹ́mò yóò dúró lé lórí. Bí ìpàdé tó ń bọ̀ bá fẹ́ tún àkọsílẹ̀ ṣe, ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí yìí yóò fi hàn bóyá wọ́n ń tún àṣìṣe kíkọ ṣe ni tàbí wọ́n fẹ́ yí ìpinnu padà.

Ìpàdé kì í bí àṣẹ

Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni mẹ́mò mi àkọ́kọ́ ti wó. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé bí àwọn ọ̀gá bá ti jókòó, tí wọ́n sì ti gbà láàárín ara wọn, àṣẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ló gbọ́dọ̀ ti fún ìjókòó náà lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó jókòó. Ìpàdé kàn ń lo agbára tó ti wà nílẹ̀ ni. Nítorí náà ohun méjì ni mẹ́mò gbọ́dọ̀ tọ́ka sí: ìpàdé tó pinnu, àti ìwé tó fún ìpàdé lágbára láti pinnu. Bí o bá kọ ti àkọ́kọ́ nìkan, òṣìṣẹ́ lè sọ pé, “Ìpàdé yín nìyẹn, kì í ṣe tiwa.” Òótọ́ ni yóò sì sọ.

Fún àkókò iṣẹ́, ìwé tó lágbára jù ni Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, orí L1 nínú Àkójọ Òfin Àpapọ̀ ti ọdún 2004. Abala 13 rẹ̀ sọ ọ̀nà tí a ń gbà fi àkókò iṣẹ́ lélẹ̀: kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ fohùn ṣọ̀kan, tàbí kí ó ti inú ìdúnàádúrà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá, tàbí kí ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn lórí owó iṣẹ́ fi í lélẹ̀ níbi tí kò ti sí ètò ìdúnàádúrà. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó sọ pé máníjà lè jí lówùúrọ̀ kó yí aago padà. Ohun tí ìyá yẹn béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka òfin kankan.

Báwo ni ilé-iṣẹ́ wa ṣe wá rí agbára náà? Nínú Ìwé Ìlànà Òṣìṣẹ́ ni. Olúkúlùkù ti fọwọ́ sí i pé òun gbà á ní ọjọ́ tó gba iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìfohùnṣọ̀kan. Mo ṣí i, mo sì rí Orí 4, ẹsẹ 2:

“Ìgbìmọ̀ Alákòóso lè yí àkókò iṣẹ́ ẹ̀ka kan padà, bí ó bá ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ aṣojú òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà, tí ó sì ti fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀.”

Ka irú ẹsẹ báyìí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí kì í fúnni ní agbára lásán. Ó máa ń so ó mọ́ nǹkan. Ti wa so ó mọ́ nǹkan mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe máníjà nìkan. Aṣojú òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti gbọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlá sì gbọ́dọ̀ pé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, agbára náà kò tíì délẹ̀, bí o ti wù kí gbólóhùn mẹ́mò dára tó.

Mo wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ ní ènìyàn mẹ́fà, ìwé ìlànà kan náà sì sọ pé mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ìpàdé tó lè pinnu ohunkóhun. Orúkọ márùn-ún ló wà nínú àkọsílẹ̀, nítorí náà iye wọn pé. Ti aṣojú kò hàn níbì kankan. Mo béèrè lọ́wọ́ alága, ó ní òun ti bá aṣojú àwọn tó ń yan gàrí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí lákọsílẹ̀. Mo lọ bá aṣojú náà fúnra mi, ó ní lóòótọ́ ni, pé òun sì ti sọ pé àwọn tó ń ti Ìyàmoyè wá kì í tètè rí ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì, ó fọwọ́ sí i, mo fi í sínú fáìlì pẹ̀lú ìwé ìpinnu. Ìwé kékeré yẹn ló gba mẹ́mò náà là nígbà tó yá, nítorí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti Ìyàmoyè wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn.

Ka ọjọ́ náà dáadáa

Ìpàdé wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Nòfẹ́ńbà 2025. Mẹ́mò yóò jáde ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17. Ìpinnu ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tuntun ní ọjọ́ 1 oṣù Dìsẹ́ńbà, tó jẹ́ Ọjọ́ Ajé pẹ̀lú. Máníjà fi ojú wò ó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, ọjọ́ mẹ́rìnlá sì nìyẹn.

Kò pé. “Gbáko” túmọ̀ sí pé a kì í ka ọjọ́ tí mẹ́mò jáde, a kì í sì í ka ọjọ́ tí àyípadà bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà. Ọjọ́ 18 ni ìkíní, ọjọ́ 30 sì ni ìkẹtàlá. Ọjọ́ kẹrìnlá bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Dìsẹ́ńbà gan-an, èyí tí wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ló dín. Ọjọ́ kan yẹn tó fún ẹni tí wọ́n bá bá wí nítorí pípẹ́ láti sọ pé ìwé ìlànà yín fúnra yín ni ẹ rú.

Kí ni akọ̀wé yóò ṣe? Ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni kí n yí déètì inú mẹ́mò padà sí ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọ̀rọ̀ bùṣe. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbìmọ̀ ló mú ọjọ́ 1, èmi kì í sì í ṣe ìgbìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè kọ déètì ọjọ́ 14 sórí mẹ́mò tí mo lẹ̀ ní ọjọ́ 17. Irọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì rí mi níbi pátákó ní Ọjọ́ Ajé lè jẹ́rìí sí i. Mo mú kàlẹ́ńdà lọ bá alága, mo fi ìka ka ọjọ́ náà fún un. Ó pe àwọn mẹ́rin tó wà nítòsí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé náà, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n sì pinnu lórí ohun kan ṣoṣo: kí “ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà” rọ́pò “ọjọ́ 1 oṣù Dìsẹ́ńbà” nínú ìpinnu 4.2. Alága àti mẹ́rin jẹ́ márùn-ún, iye wọn pé. Mo kọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 2, tó jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, náà ì bá pé lójú ìwé ìlànà, ṣùgbọ́n ó sàn kí àkókò tuntun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tuntun.

Ohun tí wọn kò pinnu, má kọ ọ́

Ọ̀gá ibi yíyan gàrí wá bá mi pé kí n fi kún un pé ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn, bó ṣe wà nínú mẹ́mò ti ọdún tó kọjá. Mo wo àkọsílẹ̀, kò sí i níbẹ̀. Kódà bí ìgbìmọ̀ bá tilẹ̀ pinnu rẹ̀, kò lè dúró, nítorí abala 5 Òfin Iṣẹ́ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn lára owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹsẹ náà hàn án. Bí ẹnìkan bá ń pẹ́, ìwé ìlànà ní ètò ìkìlọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mẹ́mò ọdún tó kọjá ti halẹ̀ ohun tí òfin kọ̀, ó sì dùn mí pé ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Bí gbólóhùn àṣẹ ṣe ń rí

Nínú ọ́fíìsì ìjọba, ó wọ́pọ̀ kí ìwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “A ní kí n kọ̀wé sí ọ”. Níbẹ̀, gbólóhùn yẹn ní ìtumọ̀: òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ ń sọ pé òun ń kọ̀wé lórúkọ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba náà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ẹni tí ọ̀gá náà jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni wá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń tọ́ka sí. “Ta ló ní kí o kọ ọ́?” ni yóò tẹ̀lé e. “Àṣẹ láti òkè” tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbólóhùn àṣẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó pinnu, ọjọ́ tó pinnu, nọ́ńbà ìpinnu náà, àti ẹsẹ tó fún un lágbára. Kí ó wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ó má fara pamọ́ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpinnu fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ti àkọsílẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ìdí tí wọ́n fi pinnu lè tẹ̀lé e ní gbólóhùn kan tàbí méjì, bí ìdí náà bá wà nínú àkọsílẹ̀. Tiwa wà níbẹ̀: ooru ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú iná abẹ́ agbada yíyan, ti mú kí àwọn ìyá méjì dákú lọ́dún tó kọjá.

Mẹ́mò tí a lẹ̀ nìyí. Mo yọ orúkọ ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ kúrò nìkan.

MẸ́MÒ
Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Alákòóso
Sí: Gbogbo òṣìṣẹ́ ibi yíyan gàrí
Ẹ̀dà fún: Ọ̀gá ibi yíyan gàrí; aṣojú òṣìṣẹ́; ọlọ́dẹ ẹnu géètì
Ọjọ́: 17 Nòfẹ́ńbà 2025
Ọ̀rọ̀: Àyípadà àkókò iṣẹ́ ní ibi yíyan gàrí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

1. Ìgbìmọ̀ Alákòóso, nínú ìpàdé rẹ̀ ti Ọjọ́bọ̀, 13 Nòfẹ́ńbà 2025 (ìpinnu 4.2), èyí tí ó tún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe nínú ìpàdé Ọjọ́ Ajé, 17 Nòfẹ́ńbà 2025 (ìpinnu 1), ti lo agbára tí Orí 4, ẹsẹ 2 Ìwé Ìlànà Òṣìṣẹ́ fún un láti yí àkókò iṣẹ́ ní ibi yíyan gàrí padà. A ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ aṣojú òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà ní 12 Nòfẹ́ńbà 2025.

2. Láti Ọjọ́ Ajé, 8 Dìsẹ́ńbà 2025, iṣẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30 àárọ̀, yóò sì máa parí ní aago 3:30 ọ̀sán. Ìsinmi wákàtí kan wà láàárín rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Iye wákàtí iṣẹ́ lójúmọ́ kò yí padà: mẹ́jọ ni. Owó iṣẹ́ kò yí padà.

3. Àyípadà yìí yóò dópin ní 31 Máàṣì 2026. Láti 1 Éépìrì 2026, iṣẹ́ yóò padà sí aago 8:00 àárọ̀ sí aago 5:00 ìrọ̀lẹ́.

4. Ìdí rẹ̀ ni ooru ọ̀sán ní ibi yíyan gàrí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

5. Kò kan òṣìṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn.

6. Ẹni tí àkókò tuntun yìí bá ni lára nítorí ọkọ̀ tàbí ìdí mìíràn, kí ó kọ ọ́ fún Akọ̀wé, tàbí kí ó wá sọ ọ́, kí ó tó di Ọjọ́ Ẹtì, 28 Nòfẹ́ńbà 2025. Ìgbìmọ̀ yóò gbé e yẹ̀ wò.

(Ìbuwọ́lù)
Akọ̀wé, lórúkọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso

Òǹkà kẹfà kì í ṣe ti ara mi. Alága ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìpàdé Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ aṣojú nípa Ìyàmoyè fún wọn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu. Nípa ìsinmi wákàtí kan, abala 13 Òfin Iṣẹ́ ló béèrè rẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, lápapọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí kan. Bí mo bá fi í sílẹ̀ láìkọ, ẹnìkan yóò rò pé a ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

O lè dán mẹ́mò wò báyìí kó tó jáde. Gbé e fún ẹni tí kò sí nínú ìpàdé, kí ó sì sọ fún ọ láìwo ojú rẹ: ta ló pinnu, ìgbà wo, ìwé wo ló gbà wọ́n láyè, ta ni ó kàn, ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni yóò parí. Mo gbé tiwa fún ọlọ́dẹ. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ àyàfi ìgbà tí yóò parí, nítorí mo kọ́kọ́ kọ “títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí”. Òjò lè tètè rọ̀ ní Kábà, ó sì lè pẹ́. Mo padà sí déètì tó wà nínú àkọsílẹ̀.

Lílẹ̀ ẹ́ nìkan kò tó

Abala 7 Òfin Iṣẹ́ sọ pé bí ohun kan bá yí padà nínú àdéhùn iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan lẹ́yìn àyípadà náà. Bí kò bá fún un ní ẹ̀dà, ó gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé náà síbi tí òṣìṣẹ́ yóò ti lè kà á. Ìwé ìlànà wa le ju òfin lọ, nítorí ó fẹ́ kí a sọ ọ́ ṣáájú. A ṣe méjèèjì: ẹ̀dà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kan lára pátákó.

Mọ ibi tí òfin yìí dé o. “Òṣìṣẹ́” tí Òfin Iṣẹ́ ń sọ ni ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Kò kan àwọn tó wà ní ipò alákòóso tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ pàtàkì. Bí o bá ń kọ mẹ́mò fún dókítà ilé ìwòsàn tàbí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, má tọ́ka sí òfin yìí. Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ wọn àti ìwé ìlànà ibẹ̀ ni kí o wò.

Àwọn ìyá tó ń yan gàrí lọ́dọ̀ wa, àwọn kan jẹ́ Owé, àwọn kan Ìjùmú, méjì jẹ́ Yàgbà. Àwọn tí kò lè kàwé wà nínú wọn. Nítorí náà mo ka mẹ́mò náà sókè ní ọjọ́ 17, mo sì dúró lẹ́yìn òǹkà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìjùmú kan tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn ní èdè tiwọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé kan sílẹ̀ tó ní orúkọ gbogbo wọn, àyè ìbuwọ́lù, àti àyè déètì. Ẹni tí kò lè kọ̀wé tẹ ìka, ẹnìkan tó yàn fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo kọ ọ́ sókè ìwé náà gbangba pé ìbuwọ́lù yìí túmọ̀ sí “mo ti gbọ́, mo sì ti gba ẹ̀dà”, kì í ṣe “mo fara mọ́ ọn”. Bí o kò bá kọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan yóò kọ̀ láti fọwọ́ sí i, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ìyá kan wà ní ìsinmi ọjọ́ náà, ó lọ sìnkú ní Mọ́pà. Àyè rẹ̀ ṣófo nínú ìwé náà. Nígbà tó padà dé ní ọjọ́ 24, mo fún un ní ẹ̀dà, mo ka mẹ́mò fún un lórí ìjókòó lẹ́nu ọ́fíìsì, ó tẹ ìka rẹ̀, mo sì kọ “24 Nòfẹ́ńbà” síwájú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tirẹ̀ kò ní pé ní ọjọ́ 8. Mo sọ fún alága, ó sì kọ lẹ́tà kúkúrú sí i pé kí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tuntun ní ọjọ́ 9.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà títí dòní ni ìwé ìpinnu ọjọ́ 13, ti ọjọ́ 17, gbólóhùn aṣojú, mẹ́mò, ìwé ìbuwọ́lù, àti ẹ̀dà lẹ́tà ìyá tó lọ sí Mọ́pà. Ìyá tó bi mí ní “òkè wo?” wá ní ọjọ́ tí mo lẹ mẹ́mò kejì yìí, ó fi ìka tọ òǹkà kìíní, ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Ó ní kí n fi Orí 4, ẹsẹ 2 han òun. Mo mú ìwé ìlànà jáde, mo ṣí i síbẹ̀, mo sì kà á fún un.

Ó ní, “Ó dáa,” ó sì padà sídìí agbada rẹ̀.